Àká Orí Àpáta àti Ìdajì Ọparun

Ní Ọ̀kà, bí ènìyàn bá ń wá ilẹ̀, àpáta ni yóò kọ́kọ́ rí. Ìyátúndé kò ka èyí sí ìyà. Lẹ́yìn ilé ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú, àpáta kan wà tí ó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí oòrùn máa ń pa láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí omi òjò kì í sì í dúró lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ó ń sá àgbàdo sí. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ó mọ àká mẹ́ta sí. Ó fi amọ̀ rẹ́ wọn tinú tòde, ó gbé wọn lé òkúta kí ikán má baà rí ọ̀nà gùn wọ́n, ó sì fi koríko bo orí wọn. Àgbàdo tí ó wà nínú àwọn àká wọ̀nyí kì í ṣe tirẹ̀. Ohun tí ó pẹ́ kí àwọn ará Ọ̀kà tó gbà gbọ́ nípa rẹ̀ nìyẹn. Wọn kò tíì rí obìnrin tí ó ń ṣọ́ oúnjẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kì í sì í ṣe ti ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí ó jẹ́ ìyàwó tuntun, òun ni ó máa ń ru àgbàdo ìyá ọkọ rẹ̀ lọ sí ọjà Ìkàrẹ́. Ẹni tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀ kì í lè sọ̀rọ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń ráyè ronú. Ó ṣàkíyèsí pé agbọ̀n àgbàdo tí wọ́n ń tà ní sísì, ìyẹn ìdajì ṣílè, nígbà ìkórè, wọ́n á tún lọ ra irú rẹ̀ ní ṣílè kan, nígbà mìíràn ní ṣílè kan àti tọ́rọ́ tí í ṣe ìdajì sísì, nígbà tí òjò bá ti wọlé tí àgbàdo tuntun kò sì tíì gbó. Agbọ̀n kan náà ni. Àgbàdo náà kò dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó bi ìyá ọkọ rẹ̀ pé kí ló fà á.

Ìyá náà ní, "Ọlọ́run ni."

Ìyátúndé kò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀ síbẹ̀. Ohun tí òun rí ni pé gbogbo ilẹ̀ Àkókó ń kórè lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì ń gbé e lọ sọ́jà lẹ́ẹ̀kan náà, olùrà sì lè yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó rí ọgọ́rùn-ún agbọ̀n. Láti ìgbà tí owó orí sì ti dé, ìgbà ìkórè gan-an ni àwọn agbowó máa ń dé. Kò sí ẹni tí ó lè dúró. Ẹni tí ó bá lè dúró ni ó ń jẹ èrè àwọn tí kò lè dúró.

Ṣùgbọ́n dídúró náà ní ìnira tirẹ̀. Ọkọ rẹ̀ gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó kó àgbàdo pamọ́ láìjẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí pé ó ń kánjú. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ìgbà òjò, gbígbóná ni ó ń gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe, kòkòrò sì ti sọ ọ́ di ìyẹ̀fun. Adìyẹ ni ó jẹ ìyókù. Ọkùnrin náà kò tún sọ̀rọ̀ àká mọ́ títí ó fi kú. Ìyátúndé ni ó sọ ọ́. Kò gbà kí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí ṣú òun lópó, ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ òun, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ àká.

Bí ó ti ń ṣe é nìyí. Ẹni tí ó bá kó àgbàdo wá, Ìyátúndé á kọ́kọ́ ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ agbọ̀n, nítorí pé òkè ni àwọn ènìyàn máa ń kó èyí tí ó dára sí. Á fi eyín fọ́ ẹyọ kan. Tí kò bá dún, ó di orí àpáta, kí oòrùn tún pa á sí i. Tí ó bá dún, á fi agbọ̀n kan ṣoṣo tí ó ní wọ̀n ọ́n, á fi pátákó gbá ẹnu rẹ̀ kí ó tẹ́, kò ní ga jù, kò sì ní jìn. Lẹ́yìn náà á gé ọparun kan, á fa ìlà yí i ká gẹ́gẹ́ bí iye agbọ̀n tí ó wọlé, á fi irin gbígbóná sàmì irú àgbàdo náà sí orí rẹ̀, bóyá funfun ni tàbí pupa. Nígbà náà ni á wá là á sí méjì láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìdajì kan, tí wọ́n ń pè ní igi, á lọ pẹ̀lú ẹni tí ó ni ín. Ìdajì kejì á wà ní ara okùn nínú yàrá rẹ̀. Bí a bá la ọparun, kò sí òmíràn láyé tí ó lè bá ìdajì náà mu. Ẹni tí ó bá fa ìlà kan kún tirẹ̀ kàn ń tan ara rẹ̀ jẹ ni, nítorí pé ìlà náà kò ní sí lára ti Ìyátúndé.

Tí olóhun bá sì padà dé, àgbàdo tirẹ̀ gan-an kọ́ ni yóò gbà. Irú rẹ̀ ni, ìwọ̀n rẹ̀ ni, gbígbẹ rẹ̀ ni. Ìyátúndé á yọ igbá kékeré kan lórí agbọ̀n kọ̀ọ̀kan fún ìṣọ́, nítorí eérú tí ó fi ń lé kòkòrò, nítorí pákúté, àti nítorí pé àgbàdo a máa fúyẹ́ bí ó bá ti ń pẹ́ sí i. Òfin kan wà lórí gbogbo rẹ̀: kò sí igi, kò sí àgbàdo.

Fọláránmi, àgbẹ̀ kan ní òdìkejì òkè, ni ó sọ igi náà di ohun tí ó ju igi lọ. Ọdún tí owó orí kọ́kọ́ ká a mọ́lé, ó ti fẹ́ fi Bọ́lá ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà fún ọkùnrin kan tí ó ní owó, kí ọmọ náà máa sìn ín títí gbèsè yóò fi tán. Ìyátúndé ni ó mú un lọ sí ọ̀dọ̀ Tìjání ní Ìkàrẹ́. Mùsùlùmí ni Tìjání, ó ń ta aṣọ, kì í gba èlé lórí owó. Ó wo igi náà, ó wá sí Ọ̀kà fúnra rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ inú àká, ó sì yá Fọláránmi ní owó. Kì í ṣe iye tí àgbàdo náà tó ní ọjà ọjọ́ náà ni ó yá a. Ó dín in kù, kí ohun tí ó wà lọ́wọ́ òun má baà kéré sí gbèsè tí ọjà bá lọ sílẹ̀. Ohun tí òun bèèrè ni pé kí igi wà lọ́wọ́ òun títí owó yóò fi padà, àti pé bí Fọláránmi bá fẹ́ tà, kí ó fi ọ̀rọ̀ náà lọ òun kọ́kọ́, ní iye tí ọjà bá ń san. Nígbà tí òjò dé, Fọláránmi tà, ó san gbèsè, ó sì rí owó mú padà sílé. Bọ́lá kò sin ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà náà, àwọn ènìyàn ń ti Afin àti Àjọwá gbé àgbàdo wá sí orí àpáta náà.

Ní ọdún kẹta lẹ́yìn ìyẹn, Ẹ̀taòkò kó ogún agbọ̀n wá. Ẹ̀taòkò ni ẹ̀gbọ́n ọkọ Ìyátúndé, òun ni olórí ẹbí, òun ni ó ni àṣẹ lórí ilé àti àpáta. Ìyátúndé wọ̀n ọ́n fún un bí ó ti ń wọ̀n fún gbogbo ènìyàn, ó sì fún un ní igi tirẹ̀. Ẹ̀taòkò gbà á bí ẹni gba ohun ìṣeré lọ́wọ́ ọmọdé.

Òjò wọlé. Àwọn tí ń la ọ̀nà tí ó ti Ọ̀wọ̀ wá ti dé ìsàlẹ̀ òkè, wọ́n pọ̀, wọ́n sì ń jẹun. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Ẹ̀taòkò wá sí ẹ̀yìnkùlé, ó dúró ní iwájú àká.

"Ìyàwó."

Ìyátúndé kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Bàbá."

"Ṣí i. Ẹni tí ń bọ́ àwọn tí ń la ọ̀nà wà níwájú ilé. Ṣílè kan ni ó ń san lórí agbọ̀n, òun ni yóò sì rù ú. Mo fẹ́ kó àgbàdo mi."

"Ó dára bẹ́ẹ̀, Bàbá. Ẹ bá mi mú igi yín wá, kí n fi pọ̀ mọ́ tèmi."

"Igi wo?"

"Ìdajì ọparun tí mo fún yín lọ́jọ́ tí a wọ̀n ọ́n."

Ẹ̀taòkò rẹ́rìn-ín. "Bó bá yá, wàá ní kí n mú igi wá kí n tó wọ yàrá mi."

"Yàrá yín ni, Bàbá. Àpáta yín ni. Àgbàdo inú àká ni ó ní olóhun tirẹ̀."

"Èmi kọ́ ni olóhun? Ti ta ni mo ní kí o kó fún mi? Tèmi ni."

"Mi ò lè nawọ́ sí ẹyọ kan kí n ní tiyín rèé. Ó ti dàpọ̀ mọ́ ti àwọn ará Afin. Igi nìkan ni ó ń sọ fún mi pé mo jẹ ẹnì kan ní nǹkan."

Ẹ̀taòkò wo ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ikán ti jẹ ẹ́," ni ó wí.

"Ikán?"

"Ikán, mo ní. Ṣé o fẹ́ kí n lọ pè wọ́n wá jẹ́rìí ni?"

Ìyátúndé kò rẹ́rìn-ín. "Tí igi bá sọnù, Bàbá, ohun tí à ń ṣe ni pé akéde á kéde rẹ̀ lọ́jà Ìkàrẹ́, pé ẹni tí igi alágbàdo funfun, ogún ìlà, bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó jáde. Tí ọjọ́ ọjà méjì bá kọjá tí ẹnikẹ́ni kò jáde, ẹni méjì á dúró fún yín, n ó sì wọ̀n ọ́n."

Ojú Ẹ̀taòkò yí padà. Ó ti ń bínú tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Ìyátúndé rí ní ojú rẹ̀ báyìí kì í ṣe ìbínú nìkan. "Kò sí akéde kankan tí yóò fi orúkọ mi pariwo lọ́jà," ni ó sọ. "Gbọ́ mi dáadáa. Ìyàwó ilé yìí ni ọ́. Kí ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ tó kọjá, wàá ṣí àká yìí fún mi. Tí o kò bá ṣí i, èmi á ṣí i."

Ó lọ sọ fún olùrà iwájú ilé pé kí ó ní sùúrù.

Ìyátúndé jókòó sórí àpáta. Kò sí ìyàwó kan ní ilé náà tí ó tíì sọ pé rárá fún olórí ẹbí rí. Òun náà kò sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ohun tí òun sọ kò jìnnà sí i. Ó rò ó wò: bí òun bá ṣí àká, ta ni yóò mọ̀? Àgbàdo pọ̀ nínú rẹ̀. Ogún agbọ̀n kò ní tètè hàn. Ṣùgbọ́n bí igi yẹn bá wà níbì kan, tí ẹni tí ó mú un dání sì dé, nínú àgbàdo ta ni òun yóò ti wọ̀n ọ́n fún un? Nínú ti Fọláránmi? Ẹni tí ó bá sì dé kẹ́yìn ni yóò bá ìsàlẹ̀ àká. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí ẹni tí yóò tún yá ènìyàn lówó lórí ọparun mọ́, nítorí pé ọparun pọ̀ ní igbó. Àwọn bàbá á tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà nígbà ìkórè.

Ó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun àgbàdo kúrò lára ìró rẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìkàrẹ́ lọ.

Lẹ́bàá ọ̀nà, kí ó tó wọ ìlú, obìnrin kan jókòó ti àgbàdo tútù sísè. Kò ju ìwọ̀nba lọ nínú abọ́. Ìyátúndé dúró.

"Níbo lèyí ti wá?"

"Ìsàlẹ̀ Ọ̀wọ̀ lọ́hùn-ún, Ìyá. Tiwọn ń tètè gbó ju tiwa lọ. Ẹ ra ọ̀kan, ẹ fi tọ́ àgbàdo tuntun wò."

Ìyátúndé ra ọ̀kan. Kò jẹ ẹ́. Ó ń yí i ní ọwọ́ bí ó ti ń rìn. Bí tútù bá ti ń jáde lójú ọ̀nà, ó ku ọjọ́ ọjà méjì tàbí mẹ́ta kí owó àgbàdo gbígbẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í já, bí ó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní dúró fún ẹnikẹ́ni kí ó parí ìjà rẹ̀.

Tìjání ń ká aṣọ nínú ìsọ̀ rẹ̀ nígbà tí ó wọlé. Ó na ẹní fún un, ó bèèrè ọ̀nà, ó bèèrè ilé, kò kánjú. Ìyátúndé jẹ́ kí ó bèèrè gbogbo rẹ̀ tán.

"Tìjání, mo fẹ́ bi yín ní ohun kan. Tí kò bá yẹ kí ẹ dá mi lóhùn, ẹ sọ fún mi pé kò yẹ. Ṣé igi alágbàdo funfun kan wà lọ́wọ́ yín, ogún ìlà?"

Tìjání ká aṣọ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀ parí. Ó lọ sí ìdí àpótí, ó sì mú ìdajì ọparun kan jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ikán kankan kò fẹnu kàn án.

"Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni," ni Tìjání wí. "N kò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ni ẹ ń ṣọ́ àká. Tí mo bá fi í pamọ́ fún yín, mo ti ba iṣẹ́ yín jẹ́, mo sì ti ba tèmi jẹ́. Ṣílè mẹ́fà ni mo yá a, fún owó orí ilé rẹ̀ gbogbo. Àgbàdo náà tó ṣílè mẹ́wàá ní ọjọ́ náà."

"Kò sanwó padà?"

"Níbo ni yóò ti rí i? Ojú ń tì í láti wá bá mi. Olórí ẹbí kò fẹ́ kí a gbọ́ pé òun wá ṣe ìdógò lọ́dọ̀ aláṣọ. Ẹ wò ó, Ìyá Ọ̀kà, ẹni tí ojú kì í tì rọrùn láti bá ṣòwò."

Ìyátúndé gbé igi náà. Ó mọ ìlà ọwọ́ rẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò ka ìlà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Igi yìí kò ní orúkọ," ni ó sọ níkẹyìn. "Ẹni tí ó bá mú un wá ni mò ń wọ̀n fún. Kò dìgbà tí Bàbá bá san ṣílè mẹ́fà kí ó tó lè ta àgbàdo náà. Kí ó ta igi. Ẹni tí ó bá rà á á san ṣílè mẹ́fà fún yín níbí, á gba igi, á sì kó ìyókù lọ fún Bàbá."

Tìjání gbé ojú sókè. "A kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

"A kò tíì ṣe é. Kí ló kù tí yóò dí wa lọ́wọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀. N kò lè ta ohun tí ènìyàn fi ṣe ìdógò lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀sìn mi kò gbà á, ojú ọjà náà kò gbà á. Kí ó sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ̀ pé kí wọ́n tà á. Èmi náà kò sì ní rà á, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ fi lọ̀. Wọ́n á ní mo gba ìdógò, mo tún gbé e mì. Ẹ pe Ràfíátù."

Ràfíátù ni ó ń se ẹ̀kọ fún ìdajì Ìkàrẹ́. Ìsọ̀ rẹ̀ kò jìnnà. Ó fi ọwọ́ tí ògì wà lára rẹ̀ wá, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán, kò bèèrè orúkọ ẹni tí ó ni àgbàdo.

"Ṣé èyí tí ẹ ń fi eyín fọ́ kí ẹ tó gbà á ni?"

"Òun ni."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú eyín yẹn fún wa. Ṣílè kan àti tọ́rọ́ ni ọjà ń san, èmi náà á san án. Ṣùgbọ́n ọjà tí ń bọ̀ yìí ni o. Mo ti rí àgbàdo sísè lọ́wọ́ yín, mi ò fọ́jú. Bó bá di ọjà kejì sí i, ẹ má fi sísì lọ̀ mí."

Ọjọ́ kejì, ní ọ̀sán, Ìyátúndé rí i pé Ẹ̀taòkò nìkan ni ó wà lórí àpáta, ó ń wo àwọn àká bí ẹni wo ọ̀tá. Ó lọ bá a. Ó kúnlẹ̀ sórí òkúta gbígbóná.

"Mo ti rí igi náà, Bàbá. Ikán kò jẹ ẹ́."

Ẹ̀taòkò kò yí ojú sí i. "Ta ni ó mọ̀?"

"Ẹ̀yin, òun, èmi. Kò sí ẹ̀kẹrin."

"O lọ tọ ipasẹ̀ mi dé Ìkàrẹ́. Ìyàwó ilé."

"Igi tí mo là ni mo tọ̀, Bàbá."

Ó sọ ọ́ fún un ní ẹsẹẹsẹ. Pé olùrà iwájú ilé ń san ṣílè kan, ti Ìkàrẹ́ sì ju ìyẹn lọ. Pé bí ó bá ta igi náà, gbèsè ṣílè mẹ́fà á kúrò, ṣílè mọ́kàndínlógún á sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Pé àgbàdo tútù ti ń jáde ní ìsàlẹ̀ Ọ̀wọ̀. Bí wọ́n bá fi ìjà lo ọjà méjì sí i, àgbàdo náà lè padà sí sísì, tàbí kí ó má tó o. Nígbà náà, owó Tìjání á ṣì pé jáde nínú rẹ̀, nítorí pé ṣílè mẹ́fà ni ó yá a, kò yá a ní mẹ́wàá. Ìyókù tí ó yẹ kí ó jẹ́ ti Ẹ̀taòkò ni yóò ti yọ́.

"Tí mo bá ní mi ò tà ńkọ́? Tí mo bá ní kí o ṣí àká fún mi lásán?"

Orúnkún Ìyátúndé ń jó o lórí òkúta. Kò dìde. "N ó ní kí akéde lu agogo, Bàbá. Kì í ṣe pé mo fẹ́ ẹ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n ṣe é."

Ọkùnrin náà wò ó báyìí. Ó wò ó bí ẹni pé láti ìgbà tí obìnrin náà ti ń gbé inú ilé rẹ̀, òun kò tíì rí i rí. "Jẹ́ kí ẹni tí yóò rà á wá," ni ó wí, ó sì gba inú ilé lọ.

Ràfíátù dé ní ọjọ́ ọjà kí oòrùn tó mú, àwọn alárù mẹ́fà sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ti san ti Tìjání ní Ìkàrẹ́, ìdajì ọparun náà wà nínú ọ̀já rẹ̀. Ó lọ kúnlẹ̀ kí Ẹ̀taòkò, ó ka ìyókù owó sí i lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ kú ọ̀rọ̀ ajé, Bàbá," kò sì fi ohunkóhun kún un. Lẹ́yìn náà ni ó wá sí ìdí àká.

Ìyátúndé mú ìdajì tirẹ̀ kúrò ní ara okùn. Ó fi méjèèjì pọ̀. Ìlà pàdé ìlà láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu ibi tí ó ti là sì dì mọ́ra bí ẹni pé a kò là á rí. Ó fi han Ràfíátù, ó fi han àwọn alárù, ó yí i sí ọ̀nà ilé kí ẹni tí ó dúró lẹ́nu ọ̀nà lè rí i, nítorí pé Ẹ̀taòkò wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ṣí àká.

Ràfíátù ti apá bọ inú rẹ̀ títí dé èjìká. Ó mú ẹ̀kúnwọ́ kan jáde láti ìsàlẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀, ó fi eyín fọ́ ọ̀kan.

"Ó dún," ni ó wí. "Ọkọ mi gan-an kò gbẹ tó báyìí, ó sì ti wà lórí iná mi fún ogún ọdún."

Àwọn alárù rẹ́rìn-ín. Ìyátúndé ń wọ̀n. Agbọ̀n kọ̀ọ̀kan, á fi pátákó gbá ẹnu rẹ̀, á yọ igbá kékeré tirẹ̀, kò yọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó wọ̀n ogún fún obìnrin tí kò dá oko, tí kò bá ẹbí náà tan, ní ojú olórí ẹbí tí ó gbin àgbàdo. Bí àwọn alárù ti ń rù ú lọ kó jọ sí ìsàlẹ̀ òkè ni wọ́n ń padà wá, iṣẹ́ náà sì gbà wọ́n títí di ọ̀sán. Nígbà tí ó tán, ó fi ìdajì ọparun méjèèjì sínú iná ìdáná, ó sì dúró tì wọ́n títí wọ́n fi di eérú, kí ó má baà sí ẹni tí yóò tún mú wọn wá.

Kí ọjọ́ ọjà kejì tó kọjá, àgbàdo tuntun kún Ìkàrẹ́. Gbígbẹ já sí ṣílè kan ó dín tọ́rọ́, ó tún já wálẹ̀. Fọláránmi àti àwọn tí Ìyátúndé ránṣẹ́ sí pé tútù ti ń jáde ti tà kí ó tó já.

Ẹ̀taòkò kò dúpẹ́, Ìyátúndé kò sì retí rẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ó pè é sí iwájú ilé. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀.

"Ìyàwó, mi ò ní bínú sí ọ. Ṣùgbọ́n kó àká rẹ kúrò lórí àpáta mi kí ìkórè tó dé. Mi ò lè máa jí ní àràárọ̀ kí n máa rí wọn."

Ìyátúndé mọ̀ pé kì í ṣe àwọn àká ni kò fẹ́ máa rí. "Mo gbọ́, Bàbá. Ẹ ṣé tí ẹ fún mi ní àyè títí di ìsinsìnyí."

Kò bẹ̀ ẹ́, kò sì rán àgbà kankan sí i. Ó lọ sí òdìkejì òkè, sí àdúgbò Fọláránmi, ó rìn káàkiri orí àwọn àpáta ibẹ̀ nígbà tí òjò ń rọ̀, kí ó lè rí èyí tí omi kì í dúró sí. Ó rí ọ̀kan. Kò tẹ́ tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n oòrùn ń pa á. Àwọn ará ilé Fọláránmi ní kò sí ẹni tí ń fi ṣe nǹkan kan, kí ó máa lò ó.

Ó ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tí igi rẹ̀ ṣì wà níta, àti sí Tìjání nítorí èyí tí ó wà nínú àpótí rẹ̀, pé kí wọ́n wá ní ọjọ́ tí òun yóò kó o. Wọ́n wá láti Afin, wọ́n wá láti Àjọwá. Ìṣojú wọn ni ó ti kó ìsàlẹ̀ àká jáde, ó fi agbọ̀n rẹ̀ wọ̀n ọ́n síta, ó tún wọ̀n ọ́n wọlé ní ibi tuntun, ìlà tí ó wà níta àti àgbàdo tí ó wà nínú sì bára wọn mu. Bọ́lá wà lára àwọn tí ó ru ẹrù, ó ti di omidan.

Àwọn ènìyàn bèèrè. Ó yẹ kí wọ́n bèèrè. Ta ni ó ń fi àpáta tí ó tẹ́ sílẹ̀ lọ sí èyí tí ó dà gẹ̀rẹ̀?

"Kí ló dé tí ẹ kó kúrò lẹ́yìnkùlé Bàbá yín?" ni ará Àjọwá kan bi í. "Ṣé ẹ jà ni?"

"Ibẹ̀ ti há," ni Ìyátúndé wí. "Ẹ gbé òkúta yẹn sún mọ́ mi."

Ọkùnrin náà gbé e fún un. Ìyátúndé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tì í wò. Ó ń mì. Ó yọ ọ́, ó wa amọ̀ sí i sí abẹ́ rẹ̀, ó tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ṣe é títí òkúta náà kò fi mì mọ́. Ìkórè kò jìnnà, àká kẹrin ni ó sì ń mọ.